Ṣé "olè" ni wọ́n pè wá ni, àbí "ọ̀lẹ"?

Ní àwọn yàrá tí wọ́n ti ń gbé fóònù àwọn oníbàárà ní Iléṣà, yálà ti àwọn tó ń fún ọlọ́jà ní ẹ̀rọ POS ni o, tàbí ti àwọn tó ń ta iná sólà kí èèyàn máa san án díẹ̀díẹ̀, ojú ìwé kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan. Tí ìpè bá le, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```
Onibara binu. O ni ole ni wa. Mo be e.
```

Ẹ wo gbólóhùn àárín yẹn dáadáa. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ kejì kò lè mọ̀ bóyá "olè" ni oníbàárà pè wọ́n ni tàbí "ọ̀lẹ". Ẹni tó bá ní olè ni yín ń sọ pé owó òun ti wọmi sọ́dọ̀ yín, ẹnì kan sì ní láti lọ yẹ àkọsílẹ̀ owó wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ní ọ̀lẹ ni yín ń sọ pé òun ti pè, òun tún pè, kò sí ẹni tó dìde. Owó ẹni yẹn lè má sọnù rárá, iṣẹ́ ni kò lọ. Èébú kan náà lójú ìwé, àmọ́ iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí. Ọ̀gá tó bá ka "ole" lásán yóò mí kanlẹ̀, yóò ní "àwọn oníbàárà wa yìí náà ṣá", yóò sì ṣí ojú ìwé mìíràn.

Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Èébú tó ń jáde lẹ́nu ẹni tó ń pè sábà máa ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́ yóò sì rí iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe nínú rẹ̀. Èyí tí kò tọ́ka sí nǹkan kan wà o, tó jẹ́ pé ẹni tó jókòó ti fóònù nìkan ló dojú kọ. Àwọn tó ń dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ máa ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní kó máa fara da gbogbo rẹ̀, kó sì máa rẹ́rìn-ín sínú fóònù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó ń tọ́ka. "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" kì í ṣàdédé jáde. Bí ẹ bá tún ìpè bẹ́ẹ̀ gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìbéèrè tí oníbàárà ti dáhùn tẹ́lẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tún bi í. Ó ti ka nọ́mbà fóònù rẹ̀ fún ẹni àkọ́kọ́, ẹni yẹn fi í sí họ́ọ̀dù, ó gbé e fún ẹni kejì, ẹni kejì sì bẹ̀rẹ̀ láti "ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ yín?" Orí tí kò pé lójú oníbàárà kì í ṣe orí ọmọ tó ń dáhùn, orí ilé iṣẹ́ ni, tí kò rántí ohun tí wọ́n sọ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ má béèrè ohun tó wà níwájú yín. Ẹ kà á fún un, kí ó sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé o ò gbọ́ Yorùbá ni?" náà ní ibi tó ti wá. Ó máa ń jáde nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ń ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un bí ẹni ka ìwé ìròyìn, tàbí tó já ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kan sáàárín ọ̀rọ̀. Ìyá tó ń ta ata kò mọ ohun tí "rìfásà" jẹ́. "Owó yín máa padà sínú àkáǹtì yín" ló mọ̀.

Èyí tí wọ́n ń ṣì gbọ́ jù ni "ọ̀dẹ̀". Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa kí ẹ tó bínú, torí lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí oníbàárà sọ ni "ẹ rò pé ọ̀dẹ̀ ni mí". Ara rẹ̀ ló fi èébú náà bù, kì í ṣe ẹ̀yin. Ó ń sọ pé ẹ̀ ń ṣe mí bí ẹni tí kò lóye. Àmọ́ òṣìṣẹ́ tó ti gba ìpè ogójì láti àárọ̀ kò gbọ́ ju "ọ̀dẹ̀" lọ, ó ti fa ojú ro, ohùn rẹ̀ ti le, oníbàárà sì gbọ́ líle ohùn náà. Láti ibẹ̀ ni yóò ti wá di "ìwọ gan-an lọ̀dẹ̀".

Ẹ rí "ìwọ" yẹn? Kí èébú tó jáde rárá ni àmì ti máa ń hàn nínú Yorùbá, nítorí pé èdè wa kì í fi ọ̀wọ̀ pamọ́. Oníbàárà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ káàárọ̀, ẹ bá mi wo nǹkan kan" tó wá ṣàdédé sọ pé "o ò dá mi lóhùn", ohun kan ti ṣẹlẹ̀ láàárín gbólóhùn méjèèjì. Ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí lójú ẹsẹ̀. Kí ni ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán tí "ẹ" fi di "o"? Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di òfin. Àwọn tó ń sọ ẹ̀ka-èdè Èkìtì tàbí ti Oǹdó lè sọ "o" fún bàbá tó bí wọn láìsí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀, ìpè wọn sì ń wọ Iléṣà dáadáa. Yíyípadà láàárín ọ̀rọ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́. Tiyín kò gbọ́dọ̀ yí padà. Bí ohùn ẹni tó ń pè bá jọ ti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó sì ń sọ "ìwọ" sí yín, "ẹ" ni kí ẹ máa sọ dé òpin. Ọjọ́ tí ẹ bá dá "ìwọ" padà, gbogbo ohun tó ti sọ ṣáájú ti di ìjà ẹni méjì, kò sì sí ọ̀gá tó máa gbọ́ ìpè náà tí kò ní dá yín lẹ́bi.

Ká wá mú ọ̀ràn kan yẹ̀ wò látòkè délẹ̀.

Ọkùnrin kan ra iṣu ní ọjà Àtakúnmọ̀sà lọ́jọ́ Ajé. Ó fi káàdì san ₦18,500 lórí ẹ̀rọ POS ìyá oníṣu. Ẹ̀rọ kọ `DECLINED`, àmọ́ àláàtì wọlé sórí fóònù ọkùnrin náà pé owó ti kúrò. Ìyá oníṣu kò rí kọ́bọ̀, kò sì jẹ́ kó gbé iṣu kan. Ó bá san owó mìíràn lọ́wọ́. Ohun tó fa èyí kò ṣòro: báńkì ti yọ owó, àmọ́ èsì tó yẹ kó padà dé orí ẹ̀rọ kò dé kí àkókò tí wọ́n fún un tó pé, ẹ̀rọ sì kọ̀ ọ́. Owó náà wà lójú ọ̀nà. Ó lè padà fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àfi kí wọ́n lọ fà á wá. Ọkùnrin yìí pè ní aago 11:20 àárọ̀ ọjọ́ kan náà, wọ́n ní "ẹ ní sùúrù, ó máa wọlé". Ó pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní wákàtí 24. Ní Ọjọ́rú, aago 9:05, ó pè lẹ́ẹ̀kẹta, gbólóhùn tó sì fi bẹ̀rẹ̀ ni:

"Ẹ̀yin olè wọ̀nyí! Ẹ fẹ́ jẹ owó mi mọ́lẹ̀, àbí? Ọlọ́run á mú yín!"

Ìdáhùn tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fara balẹ̀, ẹ má bínú, ẹ dárúkọ yín fún mi." Ó dùn gbọ́, kò sì sí ibì kan tó dára nínú rẹ̀. "Ẹ fara balẹ̀" jẹ́ ohun tí àgbà ń sọ fún ọmọdé. Bí ọmọdé bá sọ ọ́ fún àgbà, ìwọ̀sí ni, kò sóhun tí "sà" tó ṣáájú rẹ̀ lè ṣe sí i. "Ẹ má bínú" tí a kò so mọ́ nǹkan kan dà bí ìgbà tí èèyàn ń lé eṣinṣin. Orúkọ tó ní kó dá wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀. Kò sì sí owó, kò sí iṣu, kò sí ọjọ́ Ajé nínú gbogbo ohun tó sọ, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ọkùnrin yẹn ń bá kiri nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni kó dákẹ́. Kì í ṣe ìdákẹ́ tó máa mú kí oníbàárà máa pariwo "ẹ̀lóò, ẹ̀lóò". "Hẹn-ẹn, mo ń gbọ́ yín sà" kan tó, ní ohùn jẹ́jẹ́, kó sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó mí. Ibi tó ti mí ni kó wọlé:

"₦18,500 yín ló kúrò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ sì tún san owó mìíràn lọ́wọ́ kí ẹ tó rí iṣu gbé. Ó wà níwájú mi báyìí. Ìgbà kẹta tí ẹ máa pè nìyí."

Ẹ kíyè sí i pé kò mẹ́nu kan olè. Kò ní "a kì í ṣe olè sà", torí pé ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti gbà láti jíròrò bóyá olè ni òun. Kò tíì tọrọ àforíjì pàápàá. Ó kàn fi hàn pé ohun tó sọnù lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, òun mọ iye rẹ̀, òun mọ ọjọ́ rẹ̀, òun sì mọ ìnira tó ti ṣe. Lẹ́yìn náà ni àforíjì kan ṣoṣo, tó ní orí tó ní ìrù:

"Lánàá wọ́n sọ fún yín pé wákàtí 24 ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe wa nìyẹn, ẹ má bínú sà."

"Olè" tó fi pè wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta yìí, irọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bí i, kì í ṣe owó nìkan. Ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2020 fún àwọn báńkì ní wákàtí 72 láti yanjú awuyewuye owó POS. Nítorí náà òṣìṣẹ́ lè ṣírò rẹ̀ fún un: láti 11:20 ọjọ́ Ajé tó ti fẹjọ́ sùn, ó di 11:20 Ọjọ́bọ̀, ọ̀la. Kí ó sì sọ ohun tí agbára òun kò ká, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: "Báńkì yín ló máa dá owó náà padà. Tiwa ni láti fi ẹ̀rí ránṣẹ́ pé kò dé ọ̀dọ̀ ìyá oníṣu. Mo fẹ́ fi í ránṣẹ́ báyìí, ẹ bá mi wo rísíìtì yẹn. Nọ́mbà kan wà níbi tí wọ́n kọ `RRN` sí, méjìlá ni. Ẹ kà á fún mi ní mẹ́rin-mẹ́rin."

Ohun kékeré kan wà níbí tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀. Èèyàn kò lè máa pariwo kó tún máa ka nọ́mbà méjìlá ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ojú rẹ̀ ní láti wálẹ̀ sórí ìwé, ohùn á bá a wálẹ̀. Tí ẹ bá sì tún mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kà padà fún un bó ṣe ń kà á, ẹ̀yin méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀ kí ẹ tó dé ìparí. Bí rísíìtì bá ti sọnù, iye owó, aago tó wà lórí àláàtì àti nọ́mbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lójú káàdì lè tó láti fi wá a. Ẹ má béèrè gbogbo nọ́mbà káàdì, ká má tíì sọ ti píìnì.

Bó bá ṣe irú àwọn bàbá wa kan ni, yóò ní òun ò ní gbé fóònù sílẹ̀ títí owó á fi wọlé. Òṣómàáló ni. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ ló ni orúkọ yẹn, àwọn tí wọ́n ní òṣó làwọn máa ló sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí àwọn á fi gbowó àwọn. Ẹ má gbìyànjú láti fi sùúrù borí ọmọ òṣómàáló, ẹ ò ní lè ṣe é. Ẹ fún un ní aago. "Ọ̀la ní aago méjìlá, èmi ni màá pè yín, bí ó wọlé bí kò wọlé." Ẹ kò ṣèlérí owó, torí owó kò sí lọ́wọ́ yín. Ìpè ni ẹ ṣèlérí, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Bí aago méjìlá bá kọjá tí ẹ kò pè, ẹ má yà á sí ìyanu tí ìpè kẹrin bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá yín.

Ìyá, ibi tó ń dun èèyàn jù nìyẹn. "Ìyá ẹ!" láàárín àwọn ọ̀dọ́ lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ fún ara wọn wọ́n á tún máa rẹ́rìn-ín. Lórí fóònù, sí àlejò, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìdáhùn tó máa ń sáré wá sẹ́nu ni "ìyá tìẹ náà", ẹni tó bá sì gbé e mì ṣì lè sọ pé "ẹ má bú ìyá mi sà". Èyí kejì náà kò sàn, torí ẹ ti gbé ìyá yín sórí tábìlì, oníbàárà tó ń wá ohun tó máa dun yín ti rí i. Ẹ jẹ́ kó kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gbé owó padà síwájú rẹ̀: "₦18,500 ni à ń sọ sà. Ẹ ti ka mẹ́rin, ó ku mẹ́jọ." Bó bá tún un sọ, ó ti kúrò ní ẹni tó ń wá owó rẹ̀. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Èpè yàtọ̀ sí èébú. Ẹni tó ní "Ọlọ́run á mú yín" ń pe ẹlẹ́rìí, ó fẹjọ́ sun ẹni tó ju ọ̀gá yín lọ. Ṣùgbọ́n "kò ní dáa fún ẹ", "Ṣàngó á san án fún ẹ", "ohun tó o jẹ kò ní dà" jẹ́ nǹkan mìíràn, àwọn tó ń ti ìlú ńlá wá láti kọ́ni ní iṣẹ́ yìí sì máa ń fojú kéré rẹ̀. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ṣépè fún láàárọ̀ kò ní gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, bó tilẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹnu rẹ̀ ń yún un láti dá a padà, torí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn: èpè tí a kò kọ̀, a gbà á ni. Kò yẹ ká ní kó gbé e mì. Bọ́tìnnì `Mute` wà lórí ẹ̀rọ. Kó tẹ̀ ẹ́, kó sọ pé "orí mi kọ̀ ọ́", kó ṣí i padà, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Kò gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Kó ṣáà rí i dájú pé iná `Mute` náà tàn, nítorí pé oníbàárà tó bá gbọ́ "orí mi kọ̀ ọ́" yóò fẹ́ mọ ohun tí orí yín kọ̀.

"Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín sà" náà wà. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ń sọ ọ́ lórí fóònù, àwọn obìnrin á ní àwọn kúnlẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Lójúkojú, ìdọ̀bálẹ̀ ń tu àgbà lójú torí ó rí ẹ nílẹ̀. Lórí fóònù kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan, ohun tó kàn ń gbọ́ ni pé ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi ohun tí ẹ kò ṣe. Bí àgbà bá ní "ẹ fún mi ní àgbà ibẹ̀", ẹ tètè gbé e fún ẹni tó jù yín lọ, kì í ṣe ìtìjú. Kìkì pé kí ẹ ti sọ gbogbo ọ̀ràn fún ọ̀gá náà kó tó gbé e, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ "wọ́n ti sọ fún mi sà, ti ₦18,500 ọjọ́ Ajé". Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, a ti padà sí "orí ẹ ò pé".

Èyí tí kò tọ́ka sí nǹkan kan ló kù. Wọ́n ń pe obìnrin tó ń gbé fóònù ní aṣẹ́wó. Wọ́n ń bi í bóyá ó ti lọ́kọ, irú aṣọ wo ló wọ̀, ní ohùn pẹ̀lẹ́ pàápàá, láìsí ìbínú kankan. Wọ́n ń dárúkọ ara rẹ̀. Ibí yìí ni àìsí àmì ohùn ti ń ṣe jàǹbá tó burú jù. Ìwé tó bá kọ "o pe mi ni obo" lè jẹ́ "ọ̀bọ", ẹranko, èébú tí ìkìlọ̀ kan tó fún. Ó sì lè jẹ́ "òbò", tó jẹ́ pé kò yẹ kí ìpè náà gùn ju ibẹ̀ lọ. Bákan náà ni "oko": ọkọ ni, oko ni, àbí okó? Ọ̀gá tó ń ka ìwé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan láti mọ̀ bóyá kí wọ́n dí nọ́mbà ẹni yẹn kò lè fi ìyẹn ṣèdájọ́. Windows ní àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá, Gboard náà ní in. Bí ojú ìwé ilé iṣẹ́ kò bá gba àmì, ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣàlàyé rẹ̀ síwájú: "oju ara obinrin", "eranko". Kò dùn ún kọ, àmọ́ ẹ kọ ohun tó sọ gan-an. "Ó sọ ìsọkúsọ" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Fún èébú tó ti kúrò lórí ọ̀ràn, tó ti di tara ẹni, ìkìlọ̀ kan ló yẹ, ní ohùn tí ẹ fi ń ka nọ́mbà:

"Sà, mo fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ owó yín. Tí ẹ bá tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi, màá gbé fóònù sílẹ̀."

Kò sí "ilé iṣẹ́ wa kò fàyè gba" níbẹ̀, torí oníbàárà mọ̀ pé ẹ̀ ń sá sẹ́yìn ẹlòmíràn ni. Ẹ má sì sọ ọ́ tí ẹ kò bá ní ṣe é. Ìkìlọ̀ mẹ́rin láìsí ìgbésílẹ̀ ń kọ́ oníbàárà pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Bó bá tún un sọ: "Mo ti sọ fún yín. Mo ń gbé fóònù sílẹ̀ báyìí. Ẹ lè pè padà, ẹjọ́ yín ṣì wà níbi tó wà." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe kókó. Owó rẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, ẹ̀rí tó yẹ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí báńkì gbọ́dọ̀ lọ bí ẹni pé ó kí yín dáadáa. Ti ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe, ẹ lè gbé e sílẹ̀ láìkìlọ̀.

Ìhàlẹ̀ kò ní ìkìlọ̀ rárá. "Mo mọ ọ́fíìsì yín ní Òkèsà, màá dúró dè ẹ́ tó o bá ṣíwọ́." Ní Èkó, ẹni tó ń sọ irú èyí lè máà mọ ibi tí ẹ wà. Iléṣà kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó lè mọ̀ lóòótọ́, àbúrò rẹ̀ lè máa ta búrẹ́dì níwájú ilé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, nọ́mbà tó fi pè, aago, àti ibi tó dárúkọ. Kí ọ̀gá gbọ́ láàárín wákàtí yẹn, kì í ṣe ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ̀, kí òṣìṣẹ́ náà má sì dá rin lọ́jọ́ yẹn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti 2015 ka ìhàlẹ̀ tó ń dẹ́rù ikú tàbí ìpalára bani sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà àkọsílẹ̀ yẹn lè dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ kò fi gbọ́dọ̀ sọ ju orúkọ kan lọ nígbà tí wọ́n bá bi í "kí lorúkọ ẹ?" Orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un láti máa lò tó. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dé orí Wáàsáàpù fún ẹ̀rín, bó ti wù kó rí. Ohùn oníbàárà wà lára ohun tí òfin ààbò dátà ti 2023 ń dáàbò bò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bú yín.

Ìbínú kan tún wà tí kì í ṣe ìbínú. "Ṣé o mọ ẹni tí mò ń jẹ́? Yí nọ́mbà fóònù yẹn padà fún mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ!" Ẹ wo ohun tó ń béèrè. Ọkùnrin oníṣu fẹ́ owó rẹ̀. Eléyìí fẹ́ kí ẹ fo ìbéèrè tí ẹ fi ń dá ẹni tó ni àkáǹtì mọ̀. Àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń bú máa ń fẹ́ kí ìpè tètè parí, ìyẹn ni wọ́n sì ń lò. Oníbàárà tòótọ́ lè kùn sí ìbéèrè náà, kódà ó lè bú yín lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò dáhùn, ara rẹ̀ á sì máa rọ̀ bí ọ̀ràn ṣe ń lọ síwájú. Gbájúẹ̀ máa ń gbóná sí i bí ìbéèrè ṣe ń sún mọ́ ohun tí kò mọ̀, tí ẹ bá sì ní kó jẹ́ kí ẹ pè é padà sórí nọ́mbà tó wà nínú àkọsílẹ̀, yóò ní fóònù yẹn ti sọnù. Ẹ sọ ìdí ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, "kí ẹlòmíràn má baà gba owó yín ni", lẹ́yìn ìyẹn ẹ má yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí èébú kankan.

Lẹ́yìn ìpè bẹ́ẹ̀, òṣìṣẹ́ nílò nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó gbé òmíràn. Àwọn ọ̀gá kan ń ka ìṣẹ́jú yẹn sí ìlọ́ra. Kí wọ́n lọ gbọ́ ìpè tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ tí kò sí ìsinmi: ohùn le, ìdáhùn kúrú, oníbàárà tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa gba ìyókù. Ìṣẹ́jú márùn-ún nínú mẹ́wàá yẹn ni kó fi kọ ìwé, kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lórí. Ti ọkùnrin oníṣu yóò rí báyìí:

```
Ọjọ́rú 09:05. Ìpè 3. ₦18,500, POS, DECLINED.
Ó ní "olè" (owó kò padà). "Ọlọ́run á mú yín." Kò sí ìhàlẹ̀.
Ìpè 2 sọ wákàtí 24: àṣìṣe wa. Wákàtí 72 pé Ọjọ́bọ̀ 11:20.
RRN ti wà. Ẹ̀rí ti lọ sí báńkì 09:16.
Pè é padà: Ọjọ́bọ̀ 12:00.
```

Ìlà kẹta ni kí ọ̀gá kọ́kọ́ kà, kó sì lọ bá ẹni tó gbé fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.